Èmi Ni Mo Rán Aṣọ, Èmi Kọ́ Ni Mo Ni Àwòrán

Iṣẹ́ aránṣọ ni iṣẹ́ mi ní Àjàṣẹ́. Ìró àti bùbá, agbádá, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ẹbí ni mò ń rán. Nítorí pé ọmọ Kétu ni bàbá mi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ló ń gbé ní Kétu, ní Pobẹ̀ àti ní Ṣábẹ̀, àwọn mìíràn sì wà ní Lòmé. Wọn kì í sábà dé ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n á wọn ara wọn níbi tí wọ́n wà, wọ́n á fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí fóònù, ọkọ̀ ni yóò gbé aṣọ wá, ọkọ̀ náà ni yóò gbé e padà. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn báyìí kò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ mi kó tó san owó. Ohun tó lè rí kò ju méjì lọ: àwòrán aṣọ tí mo ti rán fún ẹlòmíràn, àti ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn náà sọ nípa rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí bí mo ṣe ń béèrè nǹkan méjèèjì yìí, àti bí mo ṣe ń gbé wọn jáde, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ta epo, gàrí, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ lórí fóònù láti fi san owó ilé-ìwé.

Kí fóònù tó dé ọwọ́ gbogbo wa, ọ̀nà tí orúkọ aránṣọ ń gbà tàn kò ṣòro láti mọ̀. Ìyá kan á wọ aṣọ lọ síbi ìnáwó, obìnrin mìíràn á fọwọ́ tọ́ ọ lápá, á ní, “Ta ló rán èyí fún yín?” Ẹni tó wọ aṣọ ni yóò dáhùn. Òun ló yan ẹni tí yóò dá lóhùn. Òun ló yan ohun tí yóò sọ: ó lè yin aránṣọ, ó sì lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n kì í mú ọjọ́ ṣẹ. Ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi dárúkọ. Fóònù ti gba ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì ti gbé e lé aránṣọ lọ́wọ́. Lónìí, èmi ni mo lè fi ojú rẹ̀ han ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀, kí n yan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí n sì dárúkọ ara mi nìkan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò ju bí a ṣe lè dá ìdáhùn yẹn padà fún ẹni tó ni ín.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó gbọ́ èyí. Ìyá kan wà tó ń ṣòwò àgbàdo. Ó wà nínú ẹgbẹ́ èsúsú kan pẹ̀lú àwọn obìnrin ọjà rẹ̀. Oṣù kan wá tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká owó èsúsú, ó sì bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ààyè díẹ̀. Ní oṣù náà gan-an, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ra aṣọ olówó iyebíye fún un, ó sì san owó aránṣọ pẹ̀lú. Aránṣọ ìlú mìíràn kan, tí kì í ṣe èmi, rán an, ó ya ìyá náà ní fọ́tò lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ, ó sì gbé e sórí fóònù láìbéèrè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti dé ọwọ́ àwọn ẹlẹ́sùúsú. Wọ́n rí aṣọ, wọn kò rí àbúrò tó rà á. Wọ́n ní òpùrọ́ ni. Èsúsú náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ti bá jẹun fún ọdún pípẹ́ kò sì kí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbé aṣọ mìíràn wá sọ́dọ̀ mi, kò tí ì jókòó tó fi bi mí pé, “Ìwọ náà á yà mí bí?” Aránṣọ yẹn kò parọ́ mọ́ ọn, aṣọ rẹ̀ ni ó wọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ẹni tó sanwó, kì í sì í sọ ìdí tí a fi wọ aṣọ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló mọ ẹni tí kò yẹ kó rí i.

Ìgbà tí a ó béèrè ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń béèrè lọ́jọ́ tí oníbàárà wá gba ọjà. Ọjọ́ náà kò dára. Oníbàárà kò tí ì lo nǹkan náà, ó ń kánjú, bóyá owó ṣì kù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yóò kàn sọ pé “ó dára” kí ó lè máa lọ. Ohun tó tún burú jù ni kí a béèrè nígbà tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa, tàbí nígbà tó jẹ wá ní gbèsè. Ẹni tí aṣọ ọjọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi kò lè fẹnu rẹ̀ sọ fún mi pé rárá. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ, kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìgbàṣọ, mo kàn máa ń fi tó o létí pé màá kàn sí i lẹ́yìn ìnáwó. Ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìnáwó ni mo ń béèrè. Ní àkókò yẹn, ó ti wọ aṣọ náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó mọ ibi tó ti fún un àti ibi tó ti tú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ sì ṣì ń dùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti di àtijọ́. Bí ó bá sì ní ohun tí aṣọ náà ṣẹ̀ ẹ́, màá kọ́kọ́ tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ àwòrán di ẹ̀yìn.

Nípa àwòrán fúnra rẹ̀, mẹ́ta ni mo ń tọrọ: ọ̀kan tí ó dúró tí gbogbo aṣọ hàn, ọ̀kan tó sún mọ́ ọrùn tàbí apá tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà, àti ọ̀kan tí ó jókòó. Èyí tí ó jókòó yìí ló wúlò jù fún ẹni tó fẹ́ rán aṣọ, nítorí orí ìjókòó ni àṣìṣe aránṣọ ti ń hàn: ibẹ̀ ni bùbá ti ń ká sókè, ibẹ̀ ni ojú rírán ti ń fà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró nínú òjìji lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n kọjú síta kí ìmọ́lẹ̀ lè bà wọ́n lójú, kí wọ́n má kẹ̀yìn sí oòrùn. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí oòrùn, dúdú ni ojú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ máa ń yọ nínú àwòrán. Àárọ̀ kí oòrùn tó mú, tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló dára jù. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document lórí WhatsApp. Bí a bá fi í ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, ẹ̀rọ náà máa ń fún un kéré, àwọn okùn kéékèèké inú iṣẹ́ ọnà á sì parẹ́. Lẹ́yìn náà, kí n tó ronú kan aṣọ, mo máa ń wo ohun mìíràn tó wà nínú àwòrán: nọ́ńbà ọkọ̀, àmì ilé-ìwé lára aṣọ ọmọ, orúkọ ilé ìwòsàn lára ògiri. Ìwọ̀nyí ń sọ ibi tí ènìyàn ń gbé àti ibi tó ń lọ, oníbàárà fúnra rẹ̀ lè má kíyè sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ní ìbéèrè tirẹ̀. Bí mo bá béèrè pé, “Ṣé ó dára?”, ìtẹ́ríba yóò mú un sọ pé ó dára. Ìdáhùn yẹn kò wúlò fún ẹni tó wà ní Lòmé tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè rán aṣọ sí ara tí n kò rí. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, “Ìgbà wo lọ́jọ́ náà ni ara yín kò balẹ̀ nínú aṣọ yìí?” Ìbéèrè yìí fún ènìyàn ní àyè láti sọ àbùkù láìjẹ́ pé ó tàbùkù ẹni. Ìyá kan dáhùn báyìí: “Láti agogo mẹ́sàn-án títí di agogo mẹ́rin ni mo fi jókòó, kò fún mi lábẹ́ apá. Ṣùgbọ́n ìró gùn, ó ń wọ́lẹ̀, mo ká a sókè lẹ́ẹ̀mejì.” Gbólóhùn méjèèjì ni mo gbé jáde. Bí mo bá gé èyí tó sọ̀rọ̀ ìró kúrò, mo ti sọ ọ́ di ẹni tó sọ ohun tí kò sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo fi kún un. Èrè sì wà nínú rẹ̀ fún mi pẹ̀lú: oníbàárà mẹ́ta tó ka ọ̀rọ̀ náà ló kọ gígùn ìdí wọn dé ilẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó béèrè. N kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀dínwó kó tó sọ̀rọ̀. Oníṣòwò tó bá fún ni ní nǹkan nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ kó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé òun fún un ní nǹkan, kí òǹkàwé lè fi òye wọ̀n ọ́n.

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Níbí, iṣẹ́ kan wà tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Bí mo bá fẹ́ kọ ohùn náà sílẹ̀, ẹ̀ka èdè wo ni màá fi kọ ọ́? Ìyá Kétu kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé kíkà ilé-ìwé, ìyá Ṣábẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀ bí ìyá Kétu. Mo ń kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe kó lè dùn létí àwọn tó kàwé, ọ̀rọ̀ mi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì mọ̀ ní ojú kan náà pé ẹlòmíràn ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo bá kọ ọ́ tán, mo máa ń pè é, mo máa ń kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, mo ń kọ ọ́ pé èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ti Yorùbá wà lókè rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ìyá kan sọ pé aṣọ náà “bá òun lára mu”. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mi túmọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ di pé aṣọ náà sọ ọ́ di arẹwà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kà á fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “N kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àgbà bíi tèmi?” Ọ̀rọ̀ náà kò tí ì jáde, a sì yí i padà.

Ìyọ̀ǹda ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni méjì ló ni àṣẹ lórí àwòrán kan, èmi aránṣọ kò sì sí nínú wọn. Èkínní ni ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ẹni tó yà á. Òfin wa pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tó dá lórí ètò ẹ̀rọ ayélujára ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ka ohunkóhun tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ sí ohun-ìní ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀, ojú rẹ̀ nínú àwòrán sì wà lára rẹ̀. APDP ni àjọ tó ń bójú tó o. Ní Tógò, Òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Nípa ẹni tó ya àwòrán, Òfin 2005-30 ti oṣù Kẹrin ọdún 2006 ní Bẹ̀nẹ̀ dáàbò bo iṣẹ́ onífọ́tò bí ó ṣe dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ pé kí a dárúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà tó sanwó fún fọ́tò ní ìwé àwòrán lọ́wọ́. Èyí kò sọ pé ó lè fún mi láṣẹ lórí iṣẹ́ onífọ́tò.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́:

“Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun fún àwòrán mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti gbé èkejì jáde, èyí tí ẹ̀yin nìkan dúró nínú rẹ̀. Ojú-ewé mi lórí Facebook àti Statut mi lórí WhatsApp ni màá gbé e sí, kò ní dé ibòmíràn. Ṣé ojú yín lè hàn, àbí kí n gé e kúrò? Orúkọ wo ni ẹ fẹ́ kí n kọ, àbí ẹ kò fẹ́ orúkọ? Ta ló yà á, kí n lè tọrọ lọ́wọ́ òun náà? Bí ẹ bá ní rárá, kò sí ohun tó yí padà láàárín wa. Bí ẹ bá sì gbà lónìí, tí ẹ yí ọkàn padà lọ́la, ẹ sọ fún mi, màá yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.”

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìdí. Mo sọ àwòrán tí mo fẹ́ gan-an, nítorí ẹni tó gbà kí ọ̀kan jáde kò tí ì gbà kí mẹ́ta jáde. Mo sọ ibi tí yóò dé, nítorí Statut tó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24 kì í ṣe ojú-ewé tó ń wà títí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá fẹ́ tún un lò ní ibòmíràn, màá tún béèrè. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àmì búlúù méjì orí WhatsApp ń sọ pé ó ti kà á, kò sọ pé ó gbà. Bí ó bá sì fi àmì àtàǹpàkò nìkan dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, n kò mọ èwo ló dáhùn. Mo ń pè é.

Ìyá oníṣòwò àgbàdo tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́nà tirẹ̀. Ó ní ojú òun kò gbọdọ̀ hàn, orúkọ òun kò gbọdọ̀ hàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ẹ̀yìn bùbá lè hàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló yà á, ó sì gbà pẹ̀lú. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju “ẹ̀yìn bùbá, fún ìyá kan, ọmọ rẹ̀ ló yà á” lọ. Kódà ìlú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí bí a bá dárúkọ ìlú kékeré pẹ̀lú àwọ̀ aṣọ, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Àwòrán ẹ̀yìn aṣọ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ẹni tó fẹ́ rán bùbá fẹ́ rí bí okùn ṣe tò, kò fẹ́ mọ ojú ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ti aṣọ ẹbí le ju èyí lọ. Obìnrin mẹ́fà ni mo rán aṣọ fún níbi ìgbéyàwó kan ní Kétu. Àǹtí ìyàwó fi àwòrán ẹlẹ́wà kan ránṣẹ́: àwọn mẹ́fà tò sójú kan, ọmọdébìnrin kékeré kan sì dúró níwájú wọn. Àǹtí ní, “Gbé e jáde, àbúrò, mo ti gbà.” Ṣùgbọ́n ojú méje ló wà níbẹ̀, ọ̀kan péré ló jẹ́ tirẹ̀. Mo gba nọ́ńbà àwọn yòókù lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta gbà, wọ́n di mẹ́rin pẹ̀lú àǹtí. Ọ̀kan kò dáhùn. Ọ̀kan ní rárá, kò sọ ìdí, n kò sì béèrè ìdí. Ìyá ọmọdé náà wà ní Lòmé. Ọ̀dọ̀ òbí ni a ti ń gba àyè lórí ọmọdé, kì í ṣe lọ́dọ̀ àǹtí tó dì í lọ́wọ́ mú. Ẹni tó ní rárá ló dúró láàárín gbùngbùn, a kò lè gé e kúrò. Bí a bá sì fi nǹkan bo ojú rẹ̀, yóò dàbí ẹni pé ó jẹ̀bi nǹkan. Mo bá pe onífọ́tò. Ó ní òun ya ogójì àwòrán lọ́jọ́ náà, ó sì rí ọ̀kan níbi tí mẹ́ta nínú àwọn tó gbà ti jókòó pọ̀, tí ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó gbà kí n lò ó bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwòrán kejì yìí kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó ni wọ́n jókòó, ìṣẹ́tí àti abẹ́ apá sì hàn.

Ìlà àkọ́kọ́ tí onífọ́tò béèrè yìí ní ìtumọ̀. Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni òǹkàwé máa ń rí. Ìyókù sá pamọ́ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí a bá kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, a kọ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tí onífọ́tò fi sí igun àwòrán. Ní àtijọ́, òǹtẹ̀ ilé fọ́tò máa ń wà lẹ́yìn àwòrán tí àwọn bàbá wa yà. Ẹni tó bá yí i padà á mọ ẹni tó yà á. Àwòrán orí fóònù kò ní ẹ̀yìn. Igun rẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì gé igun náà kúrò ti pa òǹtẹ̀ rẹ́. N kì í sì í fi ẹ̀rọ yí àwọ̀ padà. Bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i jù, aṣọ aláró á dàbí aṣọ ọ̀run, ara oníbàárà á sì funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Oníbàárà tó bá ra aṣọ nítorí àwọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe, yóò dá a padà. Èyí tí a bó awọ rẹ̀ kò ní dárí jì wá.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń tọ́jú gbogbo èyí: ọjọ́ tí mo béèrè, àwòrán wo, ta ló wà nínú rẹ̀, ta ló yà á, ibi tí wọ́n gbà kó dé, orúkọ tí wọ́n fẹ́, àti àyè kan tí ó ṣófo fún ọjọ́ tí mo bá yọ ọ́. Ìwé náà ṣe pàtàkì nítorí ọdún méjì lẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè fi orí rántí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé kí n yọ tirẹ̀, mo ń yọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó tán, mo sì ń sọ òtítọ́ ibi tí agbára mi mọ fún un: mo lè yọ ọ́ lójú-ewé mi, n kò lè yọ ọ́ nínú fóònù ẹni tó ti fi pamọ́. Kódà Statut tó parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ẹni tó rí i ti lè mú àwòrán rẹ̀. Nítorí náà ni ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ohun tó ti jáde kò ṣeé kó padà tán.

Nínú ìwé yìí ni mo wò ní ọjọ́ tí ọmọ oníbàárà mi kan láti Pobẹ̀ pè mí. Ìyá rẹ̀ ti jáde láyé. Ó rí àwòrán ìyá náà lójú-ewé mi, nínú aṣọ tí mo rán fún ayẹyẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ ẹ fún ìsìnkú, nítorí wọn kò ní àwòrán mìíràn tó dára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kéré. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tóbi, ojú ìyá yóò fọ́nká. Ṣùgbọ́n orúkọ onífọ́tò wà ní ìlà àkọ́kọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú ìwé mi. Odindi àwòrán náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ṣe yà á gan-an. Òun ló tẹ̀ ẹ́ fún wọn, wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Mo bi ọmọ náà bóyá kí n yọ tèmi kúrò. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun bi àwọn ẹ̀gbọ́n òun ná. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n dáhùn pé kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ orúkọ ìyá wọn sí i ní kíkún, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ nígbà tó wà láàyè. Mo ka ohun tí ìyá wọn sọ nínú ìwé mi fún wọn: “kí a má kọ orúkọ mi”. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Àkọ́bí wọn ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bí màmá ṣe fẹ́ ẹ.” Bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní.